Fótò rìpọ́ọ̀tì Z: bí ẹ ṣe máa mọ iye ọjà tí wọ́n tà àti ọ̀nà tí owó gbà wọlé

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, fótò rìpọ́ọ̀tì alẹ́ àná rèé o, èló la tà, èló ni kaàṣì, èló ni káàdì?" Tí ẹ bá gbọ́ ọ báyìí ẹ̀ẹ́ rò pé kò le, ṣebí ìdáhùn ti wà lórí bébà, àfi ìgbà tí ẹ bá ṣí fótò ọ̀hún tí ẹ wá rí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn bí okùn, nọ́ńbà tò sórí ara wọn láti òkè délẹ̀, mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú wọn sì ń ṣe bíi pé àwọn ni àpapọ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí nọ́ńbà mẹ́rin péré lẹ nílò, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ mẹ́rin wo.

Bébà yẹn ni wọ́n ń pè ní rìpọ́ọ̀tì Z. Tí wọ́n bá fẹ́ ti ọjọ́, máṣìnnì kaṣíà á tẹ gbogbo ohun tó ti ṣe látìgbà tí wọ́n ti ti ọjọ́ tó ṣáájú jáde, á wá dá káńtà ọjọ́ náà padà sí òdo. X náà wà o. Ohun tí Z ń gbé jáde ni X náà ń gbé jáde, ṣùgbọ́n kò pa nǹkan kan rẹ́, èèyàn lè tẹ X lẹ́ẹ̀mẹwàá lójúmọ́ kí káńtà má mì. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé àwọn kan máa ń ya fótò méjì ránṣẹ́, X ọ̀sán àti Z alẹ́, ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ á sì ro méjèèjì pọ̀, bẹ́ẹ̀ inú Z ni gbogbo ohun tó wà nínú X wà. Nítorí náà ojú yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sí òkè bébà, kí ẹ rí i pé Z ló kọ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀kan ṣàlàyé. Èmi ni mo to nọ́ńbà inú rẹ̀ fún àlàyé yìí, ṣùgbọ́n bí rìpọ́ọ̀tì gidi ṣe máa ń rí náà ló rí. Orúkọ àwọn ìlà lè yàtọ̀ díẹ̀ láti máṣìnnì sí máṣìnnì, ìṣètò rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀:

```
Z REPORT           Z 0412
15-03              00:38
GROSS      186   4,873.50
DISCOUNT     9    -121.00
REFUND       3     -87.50
NET SALES        4,665.00
TAX INCL           424.09
CUSTOMERS             140
-------------------------
CASH        58   1,386.50
CARD        63   2,663.00
TRANSFER    19     615.50
-------------------------
FLOAT              300.00
PAID OUT           -45.00
CID              1,641.50
GT             917,005.00
```

Ìlà méjì tó wà láàárín yẹn pín bébà yìí sí mẹ́ta. Apá òkè ń sọ ohun tí wọ́n tà, apá àárín ń sọ ọ̀nà tí owó rẹ̀ gbà wọlé, apá ìsàlẹ̀ sì ń sọ ohun tó yẹ kó wà nínú dúrọ́ọ̀ lálẹ́ yẹn. Ẹni tó bá ti mọ ìpín mẹ́ta yìí, ọ̀pọ̀ àṣìṣe ò ní bá a mọ́, torí pé ohun tó ń da gbogbo ayé láàmú ni pé wọ́n ń mú nọ́ńbà láti apá kan lọ dáhùn ìbéèrè apá míì.

Èló ni wọ́n tà? Ẹ máa rí àwọn tó máa mú GROSS, torí òun ló wà lókè, òun ló sì tóbi jù. Ṣùgbọ́n GROSS ni gbogbo ọjà tí wọ́n tẹ̀ sínú máṣìnnì kí wọ́n tó yọ ẹ̀dínwó, kí wọ́n sì tó yọ owó tí wọ́n dá padà fún oníbàárà tó dá ọjà padà. NET SALES lẹ ń wá. Ẹ ṣírò ó wò: 4,873.50, ẹ yọ 121.00, ẹ yọ 87.50, ó ku 4,665.00, òun náà ló wà lórí ìlà NET SALES. Ẹ fi ìṣirò kékeré yìí sọ́kàn, a máa padà wá lò ó, torí pé ó jẹ́rìí pé a ka nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn dáadáa nínú fótò.

Ti owó orí ńkọ́? INCL tó wà lára TAX INCL túmọ̀ sí pé owó orí ti wà nínú 4,665.00 yẹn, kò sí ohun tí ẹ máa rò kún un. Máṣìnnì míì máa ń tẹ NET láìsí owó orí nínú, á wá tẹ owó orí sísàlẹ̀ rẹ̀, á wá ro méjèèjì pọ̀ sí TOTAL. Bí ẹ ṣe máa mọ èyí tó wà níwájú yín ni kí ẹ wo apá àárín: iye tí gbogbo ọ̀nà ìsanwó jẹ́ lápapọ̀, èwo ló bá mu, NET ni àbí NET àti owó orí? Èyí tó bá bá a mu ni iye tí oníbàárà san lóòótọ́. Mi ò mọ ọ̀nà míì tó dá mi lójú jùyẹn lọ, torí orúkọ ìlà lè tan èèyàn, NET ti máṣìnnì kan lè jẹ́ TOTAL ti òmíràn.

Ó wá kan apá àárín. CASH, CARD, TRANSFER. Nọ́ńbà kékeré tó wà láàárín, 58, 63, 19, kì í ṣe owó o, iye ìgbà tí wọ́n san owó lọ́nà yẹn ni. Tí fótò bá ṣú díẹ̀, fóònù tó ń ka lẹ́tà inú fótò lè lẹ 58 mọ́ 1,386.50 kó di 581,386.50, ìyẹn rọrùn láti rí torí ó ti tóbi ju ayé lọ. Èyí tó le ni ìgbà tí ó bá gbé 58 gan-an gẹ́gẹ́ bí owó kaàṣì, kó sì gbé 1,386.50 lọ síbòmíì, torí 58 ò jọ nǹkan tó burú lójú ẹni tó ń kánjú. Àmọ́ iye ìgbà yẹn wúlò fún nǹkan míì: 58 àti 63 àti 19 jẹ́ 140, CUSTOMERS náà sì jẹ́ 140. Tí àpapọ̀ rẹ̀ bá ju iye oníbàárà lọ díẹ̀, ẹ má bẹ̀rù, ẹnì kan lè san ìdajì ní kaàṣì kó san ìdajì tó kù ní káàdì, wọ́n á kà á lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá dín ni kí ẹ fura, ó lè jẹ́ pé ìlà kan ti sọnù nínú fótò yín, fáúṣà bóyá, tàbí ìlà tí bébà ká mọ́.

Kaàṣì inú apá àárín yẹn, ṣéńjì ti kúrò nínú rẹ̀. Tí oníbàárà bá fún kaṣíà ní 50 fún ọjà 32, 32 ni CASH máa gbà.

Apá ìsàlẹ̀ ló ti mú èmi gan-an rí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń kọ CID sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kaàṣì, mo rò pé "owó tó wà nínú dúrọ́ọ̀" náà ni "kaàṣì tí wọ́n tà." Lójoojúmọ́ ni àpapọ̀ mi ń ju ti NET lọ, mo wá ń bá kaṣíà jà lórí ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ wò ó: ṣéńjì tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ọjọ́, FLOAT, jẹ́ 300.00. Kaàṣì tó wọlé jẹ́ 1,386.50. Wọ́n mú 45.00 jáde láti fi ra nǹkan kékeré, òun ni PAID OUT. 300.00 àti 1,386.50, ẹ yọ 45.00, ó jẹ́ 1,641.50. Iye tí máṣìnnì retí pé kí ẹ bá nínú dúrọ́ọ̀ nìyẹn, ó sì dára láti fi ka owó lálẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjà tí wọ́n tà. Máṣìnnì míì ń pè é ní CAID. Tí ẹ bá kọ ọ́ sí ipò CASH, àpapọ̀ yín á fi 255.00 ju bó ṣe yẹ lọ, ìyẹn 300.00 tí wọ́n yọ 45.00 kúrò nínú rẹ̀. Torí náà tí ẹ bá rí i pé lójoojúmọ́ lẹ ń fi ohun tó sún mọ́ FLOAT ju NET lọ, ẹ ti mọ ibi tẹ́ ẹ ti ṣìnà.

Ó dáa, a ti mọ nọ́ńbà mẹ́rin tí à ń wá: 4,665.00, 1,386.50, 2,663.00, 615.50. Tó bá jẹ́ pé bébà ló wà lọ́wọ́ yín ni, iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n fótò ni wọ́n fi ránṣẹ́, fótò sì ní ẹjọ́ tiẹ̀.

Bébà yìí kì í lo íńkì, ooru ni máṣìnnì fi ń kọ lẹ́tà sí i lára, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí oòrùn bá pa á tàbí tí wọ́n fi sínú mọ́tò tó gbóná, ó lè ṣú tàbí kó parẹ́. Ẹ ya á lálẹ́ yẹn gan-an, ẹ má dúró dọjọ́ kejì. Ó sì ń dán, iná fóònù máa ń tàn padà lára rẹ̀, ó á sọ àárín bébà di funfun báláú, ibi tí funfun yẹn sì máa ń bọ́ sí ni ibi tí CARD wà, mi ò mọ ìdí, bóyá torí àárín náà ni. Nítorí náà ẹ pa iná fóònù, ẹ tẹ́ bébà sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ ya á láti òkè tààrà kí etí ọ̀tún àti etí òsì hàn méjèèjì. Etí òsì ló ní orúkọ, etí ọ̀tún ló ní owó, tí ọ̀kan bá gé kúrò, ìkejì ò wúlò.

Ohun tó fi jẹ́ pé mo ń tẹnu mọ́ "láti òkè tààrà" ni pé tí fótò bá dagun, ìlà á dagun, fóònù tó ń ka lẹ́tà á wá so orúkọ ìlà kan pọ̀ mọ́ owó ìlà kejì. Orúkọ wà ní òsì, owó wà ní ọ̀tún, àlàfo funfun gbàgàdà ló wà láàárín wọn, díẹ̀ tó bá tẹ̀ báyìí CASH á gba owó CARD. Èyí léwu ju nọ́ńbà tó ṣì kà lọ, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Àpapọ̀ ò ní yí padà! 2,663.00 àti 1,386.50, ibi yòówù kí ẹ gbé wọn sí, iye kan náà ló máa jẹ́, ìṣirò á dọ́gba, ẹ̀ẹ́ sì máa yọ̀. CID ló lè tú u fó: FLOAT àti CASH, yọ PAID OUT, tí kò bá jẹ́ CID, wọ́n ti pààrọ̀ CASH mọ́ nǹkan míì. Ìyẹn ni pé nọ́ńbà tí mo ní kí ẹ má kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ló wá di ẹlẹ́rìí báyìí. Tó bá jẹ́ CARD àti TRANSFER ni wọ́n pààrọ̀, CID ò lè ràn yín lọ́wọ́, ojú yín nìkan ló kù, tàbí rìpọ́ọ̀tì tí máṣìnnì káàdì fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde.

Tí bébà bá gùn tí ẹ ní láti ya á lẹ́ẹ̀mejì, ẹ jẹ́ kí ìlà méjì mẹ́ta wà nínú fótò méjèèjì, kí ẹ lè rí ibi tí wọ́n ti so. Ẹ kàn rántí láti má ka àwọn ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Nísìnyí, ká ní fóònù ti ka fótò tán, ó wá fún yín ní CASH 1,386.50, CARD 2,863.00, TRANSFER 615.50, NET SALES 4,665.00. Ẹ fi wọ́n sínú síìtì, NET ní C2, ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní D2 dé F2, kí ẹ wá kọ èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀:

```
=SUM(D2:F2)-C2
```

Òdo ló yẹ kó jáde. Ó jáde ní 200. Ọ̀pọ̀ èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo bébà láti òkè, kò yẹ kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, 200 yẹn ti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà fún yín. Nọ́ńbà tó mọ́ geere bíi 200, tó jẹ́ pé ipò ọgọ́rùn-ún nìkan ló ní nǹkan, sábà máa ń túmọ̀ sí pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ní ipò ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ṣì kà, ó sì fi 2 ju bó ṣe yẹ lọ. Kí ẹ wo ipò ọgọ́rùn-ún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: CASH ní 3, CARD ní 8, TRANSFER ní 6. Ṣé 1 ni wọ́n kà sí 3? Wọn ò jọra. Ṣé 4 ni wọ́n kà sí 6? Kò wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n 6 tí wọ́n kà sí 8, òjoojúmọ́ ni, tí òkè 6 bá ti fẹ́ẹ́ padé báyìí ó ti di 8 lójú fóònù. Ẹ padà sí fótò, ẹ fa CARD tóbi, ẹ̀ẹ́ rí i pé 2,663.00 ni.

Ẹnì kan lè ní, ṣé kì í ṣe NET ni wọ́n ṣì kà? Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ fi ìṣirò òkè yẹn sọ́kàn. GROSS, yọ DISCOUNT, yọ REFUND, ó bá NET mu, nítorí náà NET mọ́, apá àárín ni ẹ̀sùn wà.

Àwọn tó jọra jù lójú fóònù ni 6 pẹ̀lú 8, 3 pẹ̀lú 8, 5 pẹ̀lú 6, 1 pẹ̀lú 7, 0 pẹ̀lú 8 tí bébà bá ti rẹ̀. Àmì kékeré náà máa ń jábọ́: 615.50 á di 61550, ìyẹn ò ṣòro, á pariwo fúnra rẹ̀. Èyí tí kì í pariwo ni àmì ìyọkúrò tó wà níwájú REFUND, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń sọnù, owó tí wọ́n dá padà á wá di owó tó wọlé. Tí ìyàtọ̀ yín bá jẹ́ ìlọ́po méjì nọ́ńbà kan tó wà lórí bébà, bí àpẹẹrẹ 175.00 tó jẹ́ 87.50 lọ́nà méjì, àmì yẹn ni kí ẹ wá.

Àwọn tí kì í fi fóònù kà á, tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, àṣìṣe tiwọn yàtọ̀. Ojú wọn kì í ka 6 sí 8, ìka wọn ló ń yí nọ́ńbà po. Ká ní ẹnì kan tẹ TRANSFER ní 651.50 dípò 615.50. Ìyàtọ̀ máa jẹ́ 36. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá yí nọ́ńbà méjì tó tẹ̀lé ara wọn po, ìyàtọ̀ náà máa ṣeé fi 9 pín láìṣẹ́kù, bí àwọn tó ń ṣe ìṣirò owó ṣe ń dá a mọ̀ láti ìgbà pípẹ́ nìyẹn. 36 pín sí 9, ó jẹ́ 4. Nítorí náà ẹ máa wá ibi tí nọ́ńbà ipò mẹ́wàá àti ti ipò ẹyọ fi 4 jura lọ: 1,386 ní 8 àti 6, méjì ni wọ́n fi jura, kì í ṣe òun; 2,663 ní 6 àti 3, mẹ́ta ni, kì í ṣe òun; 651 ní 5 àti 1, mẹ́rin gééré. Ẹ ti mú u. Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi èyí hàn mí, mo rò pé òògùn ni, àfi ìgbà tí mo jókòó ṣe é lórí bébà.

Kì í ṣe gbogbo ìyàtọ̀ ló jẹ́ àṣìṣe kíkà o. Tí máṣìnnì bá ń gba owó ọwọ́ tí oníbàárà fi ta kaṣíà lọ́rẹ nípasẹ̀ káàdì, CARD á ju bó ṣe yẹ lọ ní iye yẹn gẹ́lẹ́, ẹ̀ẹ́ sì rí ìlà TIP níbì kan. Tí wọ́n bá ń yí owó sí iye tó sún mọ́ ọn ní kaàṣì, ìlà ROUNDING á wà pẹ̀lú nǹkan kékeré nínú rẹ̀. Torí náà kí ẹ tó pe fóònù ní òpùrọ́, ẹ wò ó bóyá ìlà kan wà lórí bébà tí owó rẹ̀ bá ìyàtọ̀ yẹn mu. Tó bá wà, ìyẹn ni.

GT tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, 917,005.00, Z kì í dá a padà sí òdo, ṣe ló ń ga sókè látìgbà tí wọ́n ti ń lo máṣìnnì. Ẹ mú fótò ti àná, ká ní GT rẹ̀ jẹ́ 912,340.00, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ti òní, ó ku 4,665.00. Máṣìnnì tiwa yìí ń ro NET sínú GT, àwọn kan ń ro GROSS, ọjọ́ méjì péré lẹ nílò láti mọ èyí tí tiyín ń ṣe. GT yìí lè sọ ohun tí fótò òní nìkan ò lè sọ: tí ìyàtọ̀ GT bá jẹ́ 8,000 nígbà tí NET òní jẹ́ 4,665.00, Z kan wà láàárín tí wọn ò fi ránṣẹ́. Nọ́ńbà Z á jẹ́rìí sí i. Tiwa jẹ́ 0412, tí ti àná bá jẹ́ 0410, ẹ béèrè 0411 lọ́wọ́ wọn. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ṣèèṣì tẹ Z lọ́sàn-án nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ X, ọjà àárọ̀ á wà lórí bébà kan, ti ìrọ̀lẹ́ á wà lórí ìkejì, ẹ gbọ́dọ̀ ro méjèèjì pọ̀ nígbà yẹn. Ẹ rí i pé òdìkejì ti X àti Z tí mo sọ lókè nìyí.

Àti ọjọ́ orí bébà, ẹ má kàn gbé e bẹ́ẹ̀. 15-03 ló kọ, ṣùgbọ́n aago 00:38 ni, ọjà ọjọ́ 14 ni wọ́n ń tì. Èmi kì í wo ọjọ́ nìkan, mo máa ń wo aago. Ohunkóhun tí wọ́n bá tẹ̀ lẹ́yìn agogo méjìlá òru kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ọjọ́ kejì, ọjọ́ tó ṣáájú ni mo ń kọ ọ́ sí. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ á rí ọjọ́ kan tí Z méjì wà àti ọjọ́ kan tí kò sí nǹkan kan, á wá rò pé wọn ò ṣíṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn.

Ó ku ibi tí bébà yìí ò lè dé. CARD 2,663.00 yẹn ni ohun tí kaṣíà tẹ̀ pé káàdì ni. Níbi tí máṣìnnì káàdì àti ti kaṣíà ò bá ti so pọ̀, tí oníbàárà bá san káàdì tí kaṣíà sì ṣèèṣì tẹ CASH, Z á dọ́gba pátápátá, gbogbo ìṣirò tí a ti ń ṣe láti àárọ̀ á jẹ́ òdo, ìpín owó náà ò sì ní tọ̀nà. Dúrọ́ọ̀ á dín ní iye yẹn, rìpọ́ọ̀tì máṣìnnì káàdì á lé ní iye yẹn. Nítorí náà mo máa ń sọ fún àwọn tó ń fi fótò ránṣẹ́ sí mi pé kí wọ́n ya ti máṣìnnì káàdì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ Z, nínú fótò kan ṣoṣo, kí wọ́n sì fi bírò kọ iye tí wọ́n kà gan-an nínú dúrọ́ọ̀ sí etí bébà, kì í ṣe orí nọ́ńbà o, etí ni mo wí, torí ẹnì kan ti fi bírò fa ìlà sábẹ́ NET rí, ìlà yẹn fara kan 5, fóònù mi kà á sí 6.